Mímí láti ihò imú kan bọ́ sí èkejì: bí a ṣe ń ṣe é, àti ohun tí ìwádìí rí ní ti gidi

Nínú yógà ilẹ̀ Íńdíà, irú mímí kan wà tí wọ́n ń pè ní nádì ṣódánà. Àwọn olùkọ́ mìíràn a máa pè é ní anulóma-vilóma. Ẹni tí ó ń ṣe é yóò fi ìka dí ihò imú kan, yóò fi èkejì mí sínú, yóò wá pààrọ̀ ìka, yóò sì mí síta láti inú ihò tí ó dí tẹ́lẹ̀. Ó ti wà nínú àwọn ìwé yógà láti nǹkan bí ọ̀rúndún 15, níbi tí wọ́n ti sọ pé ọ̀nà méjì ni ẹ̀mí ń gbà rìn nínú ara, ti òsì tí wọ́n pè ní ìdá, èyí tí í ṣe ti òṣùpá, àti ti ọ̀tún tí wọ́n pè ní pingálà, èyí tí í ṣe ti oòrùn, àti pé mímí báyìí ni yóò fọ ọ̀nà méjèèjì mọ́. Lónìí, àwọn ènìyàn ń fi í ránṣẹ́ síra wọn lórí fóònù gẹ́gẹ́ bí ìwòsàn ẹ̀jẹ̀ ríru, àìróorunsùn àti ìdààmú ọkàn. Èrò tèmi, lẹ́yìn tí mo ti ka ohun tí àwọn onímọ̀ nípa iṣẹ́ ara kọ, ni pé ó ń ṣe nǹkan kan tí a lè fi ẹ̀rọ wọ̀n, pé nǹkan náà kéré, àti pé bí èémí ṣe ń lọ́ra ló ń ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀, kì í ṣe ìka tí ń bọ́ láti ihò kan sí èkejì.

Ẹ kọ́kọ́ wo ihò tí ó ṣí

Ẹ mú dígí kékeré kan tí ó tutù, ẹ gbé e sí abẹ́ imú, kí ẹ sì mí síta lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láìgbé orí sókè. Ìkùukùu méjì yóò hàn lórí dígí náà, ọ̀kan á sì sábà tóbi ju èkejì lọ. Ihò tí ìkùukùu rẹ̀ tóbi ni ó ṣí jù lásìkò yẹn. Èyí kì í ṣe àìsàn. Ẹran inú imú máa ń kún fún ẹ̀jẹ̀, á wú ní ẹ̀gbẹ́ kan, á sì rọlẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kejì, lẹ́yìn wákàtí díẹ̀ wọn á pààrọ̀ ipò. Dókítà ará Jámánì kan, Richard Kayser, ló kọ́kọ́ ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa ní ọdún 1895. Ní ọdún 2016, àwọn onímọ̀ ilé ìwádìí Weizmann ní Ísírẹ́lì so ẹ̀rọ kékeré mọ́ imú ènìyàn 33 tọ̀sán tòru, wọ́n sì rí i pé ìpààrọ̀ yìí ń gbà tó wákàtí méjì nígbà tí wọn kò sùn, àti wákàtí mẹ́rin àti ààbọ̀ lójú oorun, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ti ẹnì kan kò bá ti ẹlòmíràn mu.

Ohun tí ó jẹ́ kí n fi èyí ṣáájú ni pé ọ̀pọ̀ ẹni tí ó bẹ̀rẹ̀ àṣà yìí ló máa ń rò pé imú àwọn ti bàjẹ́ nígbà tí ihò kan bá ń gba èémí tìpátìpá. Bí ó bá jẹ́ pé ó kàn há díẹ̀ ni, ẹ máa bá a lọ, kí ẹ má fi agbára fà á. Bí ó bá dí pátápátá, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ kejì dùbúlẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá: ẹni tí ihò òsì rẹ̀ dí yóò fi ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún dùbúlẹ̀, nítorí ihò tí ó wà lókè ló sábà máa ń ṣí. Ẹ má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé rọ́ọ̀bù tàbí òróró mìíràn tí ó ní mẹ́ntọ́ọ̀lì. Ó máa ń jẹ́ kí imú tutù, kí ó sì dà bí ẹni pé ó ti ṣí, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n wọn afẹ́fẹ́ tí ó ń gba inú imú kọjá, wọn kò rí i pé ọ̀nà náà fẹ̀ sí i. Bí ọ̀fìnkìn bá mú yín gan-an, ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ mìíràn.

Bí a ṣe ń ṣe é

Ìgbésẹ̀ kìíní ni ìjókòó. Ẹ jókòó sórí àga tí ó ní ẹ̀yìn, kí ẹsẹ̀ méjèèjì kanlẹ̀, kí ẹ̀yìn nà ṣùgbọ́n kí ó má le gbagidi. Kò pọn dandan kí ẹ ká ẹsẹ̀ jókòó sílẹ̀ bí àwọn tí ó wà nínú àwòrán, pàápàá bí orúnkún bá ń dùn yín. Ẹ má ṣe é lórí oúnjẹ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ tán, nítorí ikùn tí ó kún kì í jẹ́ kí èémí lọ sísàlẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kejì ni ọwọ́. Ẹ gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè, ẹ ká ìka kejì àti ìka àárín sínú àtẹ́lẹwọ́, kí àtàǹpàkò, ìka òrùka àti ọmọńdinrín sì wà ní nínà. Àtàǹpàkò ni yóò máa dí ihò ọ̀tún, ìka òrùka ni yóò máa dí ti òsì. Ibi tí à ń tẹ̀ ni ẹran rírọ̀ tí ó wà nísàlẹ̀ egungun imú, a kàn ń gbé ìka lé e kí ó lè pa dé ni. Bí imú bá ń wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan nínú dígí, ẹ ti tẹ̀ ẹ́ jù. Kí ìgbọ̀nwọ́ má ṣe lẹ̀ mọ́ àyà, nítorí yóò dí ìhà lọ́wọ́. Bí apá bá ń ro yín, ẹ fi ọwọ́ òsì gbé e ró.

Ìgbésẹ̀ kẹta ni yíyípo gan-an. Ẹ mí síta tán láti ihò méjèèjì. Ẹ fi àtàǹpàkò dí ihò ọ̀tún, ẹ sì mí sínú láti òsì, kí ẹ máa ka 3 nínú ọkàn yín. Ẹ fi ìka òrùka dí òsì, ẹ ṣí ọ̀tún, kí ẹ mí síta láti ibẹ̀, kí ẹ ka 4. Láìpààrọ̀ ìka, ẹ mí sínú láti ọ̀tún kan náà, kí ẹ ka 3. Ẹ wá dí ọ̀tún, ẹ ṣí òsì, kí ẹ mí síta, kí ẹ ka 4. Ìyẹn ni yíyípo kan, èémí méjì ló sì wà nínú rẹ̀. Ohun tí ó yẹ kí ẹ fi sọ́kàn ni pé ẹ̀yìn mímí sínú nìkan ni ìka ń pààrọ̀; ẹni tí ó bá ń pààrọ̀ lẹ́yìn mímí síta pẹ̀lú yóò rí i pé ihò kan náà ló ń mí sínú nígbà gbogbo.

Ní òǹkà yìí, bí òǹkà kan bá jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá kan, yíyípo kan gba ìṣẹ́jú àáyá 14, ìṣẹ́jú 5 yóò sì gba yíyípo bíi 21. Ẹ ṣe èyí fún ọ̀sẹ̀ kan. Bí kò bá sí ìgbà tí èémí ń já yín, ẹ sọ ọ́ di mímí sínú pẹ̀lú 4, mímí síta pẹ̀lú 6. Èémí kan wá gba ìṣẹ́jú àáyá 10, èyí tí ó túmọ̀ sí èémí 6 ní ìṣẹ́jú kan. Ibẹ̀ ni kí ẹ dúró sí, a ó sì rí ìdí rẹ̀ láìpẹ́. Ìṣẹ́jú 10 lójúmọ́ tó. Bí ẹ bá parí, ẹ sọ ọwọ́ kalẹ̀ lẹ́yìn mímí síta láti òsì, kí ẹ jókòó díẹ̀ kí ẹ tó dìde.

Àwọn olùkọ́ ìbílẹ̀ a máa fi dídá èémí dúró kún un, ìwọ̀n tí wọ́n sì ń sọ ni pé kí a mí sínú pẹ̀lú 1, kí a dá a dúró fún 4, kí a mí síta pẹ̀lú 2. Mi ò gba ẹnikẹ́ni tí ó ń kọ́ ara rẹ̀ nílé nímọ̀ràn láti ṣe èyí. Dídá èémí dúró pẹ́ lè gbé ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ sókè lójú ẹsẹ̀, ẹni tí ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹni tí ọkàn rẹ̀ ń ṣàìsàn àti aláboyún kò gbọ́dọ̀ dán an wò rárá.

Bí ẹ ṣe lè mọ̀ pé kò lọ déédéé

Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ jù ni pé èèyàn á lọ́ra, ṣùgbọ́n á máa fa afẹ́fẹ́ púpọ̀ jù lẹ́ẹ̀kan, títí tí afẹ́fẹ́ kábónì inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yóò fi lọ sílẹ̀. Nígbà tí ó bá lọ sílẹ̀, àwọn iṣan tí ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ọpọlọ á sún kì. Òòyì á bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ èèyàn, ètè àti orí ìka á sì máa ṣe bí ẹni pé èèrà ń rìn lára wọn. Àwọn kan rò pé agbára ẹ̀mí ni ó ń wọlé. Afẹ́fẹ́ kábónì ló jáde jù. Ẹ ṣí imú méjèèjì, ẹ padà sí mímí bí ẹ ṣe ń mí tẹ́lẹ̀, yóò lọ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Bí ẹ bá tún fẹ́ ṣe é, ẹ fa afẹ́fẹ́ tí ó kéré, ní wẹ́rẹ́, débi pé ẹni tí ó jókòó tì yín kò ní gbọ́ ọ.

Àṣìṣe kejì ni òdìkejì rẹ̀: òǹkà ti gùn ju agbára ẹni lọ, èémí á wá máa gbọ̀n lópin mímí síta, tàbí kí èèyàn mí kanlẹ̀ gbì lẹ́yìn yíyípo mẹ́ta mẹ́rin. Ẹ dín òǹkà kù. Ẹni tí ikọ́ fée ń yọ lẹ́nu lọ́jọ́ náà, ẹni tí imú rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀, tàbí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ fún ní imú, kò yẹ kí ó dí imú rárá.

Ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nínú ara

Ẹ gbé ìka lé ọrùn ọwọ́ níbi tí iṣan ti ń lù, kí ẹ sì mí lọ́ra pẹ̀lú ihò méjèèjì. Bí ẹ bá fara balẹ̀, ẹ ó rí i pé lílù náà yára díẹ̀ nígbà tí ẹ ń mí sínú, ó sì falẹ̀ nígbà tí ẹ ń mí síta. Ó hàn ketekete lára ọ̀dọ́, ó sì máa ń dín kù bí ọjọ́ orí ti ń pọ̀ sí i. Yàtọ̀ sí èyí, inú iṣan ẹ̀jẹ̀ ọrùn àti inú iṣan ńlá tí ó jáde láti ọkàn ni ara ti ń mọ bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń tì tó. Bí ìfúnpá bá ròkè, wọn á ránṣẹ́ sí ọpọlọ, ọpọlọ á dẹ ọkàn lára, á sì jẹ́ kí iṣan tú. Ìránṣẹ́ lílọ àti bíbọ̀ yìí ní àkókò tirẹ̀, ó máa ń gbà tó ìṣẹ́jú àáyá 10 kí ó tó yí po. Nítorí náà, nígbà tí èémí bá di 6 ní ìṣẹ́jú kan, ìgòkè-gódò tí èémí ń fà àti ìgòkè-gódò tí ìfúnpá ń fà bá ara wọn rìn, wọ́n sì ń ran ara wọn lọ́wọ́. Ìdí rèé tí mo fi ní kí ẹ dúró sí 4 àti 6.

Kò sí ìka lórí imú nínú ìtàn yìí o. Ní ọdún 2001, Luciano Bernardi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ítálì wọn ènìyàn 23 bí wọ́n ṣe ń ka àdúrà «Mo kí ọ, Màríà» ti rosárì ní èdè Látìn, àti bí wọ́n ṣe ń ka gbólóhùn kan tí àwọn oníyógà ń tún wí. Àwọn méjèèjì sọ èémí di bíi 6 ní ìṣẹ́jú kan, ètò tí ń ṣọ́ ìfúnpá sì ṣiṣẹ́ dáadáa sí i nínú méjèèjì. Ní ọdún 2005, irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ lára àwọn tí ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru rí i pé mímí lẹ́ẹ̀mẹ́fà ní ìṣẹ́jú kan, pẹ̀lú imú tí kò sí ìka kankan lórí rẹ̀, mú òǹkà òkè ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wọn sọ̀ láti nǹkan bí 150 sí 141 lákòókò tí wọ́n ń ṣe é.

Ihò òsì, ihò ọ̀tún, àti àpapọ̀ wọn

Ọ̀kan lára àwọn onímọ̀ tí ó ṣe iṣẹ́ jù lórí ọ̀rọ̀ yìí ni Shirley Telles ní Íńdíà, pẹ̀lú oríṣiríṣi ẹgbẹ́. Nínú ìwádìí tí òun àti Raghuraj gbé jáde ní ọdún 2008, ọkùnrin 21 ṣe oríṣi mímí lọ́jọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: ìfúnpá ròkè nígbà tí wọ́n fi ihò ọ̀tún nìkan mí, ó sì sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn ti òsì nìkan àti lẹ́yìn ti pípààrọ̀. Ní ọdún 2013, wọ́n mú ènìyàn 90 tí ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, wọ́n pín wọn sí mẹ́ta. Òǹkà òkè àti ti ìsàlẹ̀ sọ̀ lára àwọn tí ó ń pààrọ̀ ihò imú. Ṣùgbọ́n òǹkà òkè sọ̀ lára àwọn tí ó kàn jókòó tí wọ́n ń fiyè sí èémí wọn pẹ̀lú.

Ìwádìí tí ó tú ọ̀rọ̀ náà sí méjì jù lójú mi ni ti Ghiya àti Lee ní ọdún 2012. Àwọn tí kò mọ yógà rí ni wọ́n lò. Lọ́jọ́ kan wọ́n pààrọ̀ ihò imú, lọ́jọ́ mìíràn wọ́n mí pẹ̀lú ihò méjèèjì ní ìwọ̀n ìlọ́ra kan náà. Bí lílù ọkàn ṣe ń yí padà pọ̀ sí i lẹ́yìn méjèèjì, ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín wọn kò sì tó nǹkan. Bí èèyàn bá fẹ́ mọ iṣẹ́ tí ìka ń ṣe, irú àfiwé yìí ló yẹ kó béèrè. Àwọn ìwádìí tí ó fi pípààrọ̀ wé àìṣe ohunkóhun kò lè sọ fún wa bóyá ìka ni tàbí ìlọ́ra.

Ti pé ihò òsì ń tu ara, tí ti ọ̀tún ń jí i, kò tíì dúró dáadáa. Telles kan náà, ní ọdún 1994, jẹ́ kí àwọn ènìyàn ṣe é fún oṣù kan, ó sì rí i pé ọ́síjìn tí ara wọn ń lò nígbà ìsinmi pọ̀ sí i ní 37 nínú 100 lára ẹgbẹ́ ihò ọ̀tún, ṣùgbọ́n ó pọ̀ sí i ní 24 lára ẹgbẹ́ òsì, àti 18 lára ẹgbẹ́ pípààrọ̀ pẹ̀lú. Bí òsì bá ń tu ara bí òṣùpá, kí ló dé tí ara tún ń jó epo sí i? Àwọn ẹgbẹ́ náà kéré, ènìyàn bíi méjìlá ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, mi ò sì ní kọ́lé sórí òǹkà wọ̀nyí. Nípa pé ó ń mú ẹ̀gbẹ́ ọpọlọ méjèèjì dọ́gba, ìyẹn ni mo gbà gbọ́ kéré jù lọ. Ihò méjèèjì ń pàdé lẹ́yìn imú, afẹ́fẹ́ kan náà ló sì ń lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró.

Kí a má gbàgbé pé ọ̀pọ̀ nínú ìwádìí wọ̀nyí wá láti ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ nítorí yógà, pé kò sí bí a ṣe lè fi pamọ́ fún ẹni tí ń ṣe é pé imú òun ni òun ń dí, àti pé ọ̀pọ̀ wọn wọn ìfúnpá lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, kì í ṣe lẹ́yìn oṣù díẹ̀.

Bí ẹ ṣe lè wọ̀n ọ́n lára yín

Ẹ lo ẹ̀rọ bíípíì tí ń di apá òkè, kì í ṣe ti ọrùn ọwọ́. Láàárín ìṣẹ́jú 30 tí ó ṣáájú, ẹ má mu kọfí, ẹ má mu sìgá, ẹ má ṣe iṣẹ́ agbára. Ẹ tọ̀, kí ẹ jókòó ní ìdákẹ́jẹ́ fún ìṣẹ́jú 5, kí ẹ̀yìn àti apá ní ibi tí wọ́n fara tì, kí apá wà ní ọ̀gangan ọkàn, kí aṣọ má sí lábẹ́ bẹ́líìtì ẹ̀rọ. Ẹ wọn lẹ́ẹ̀mejì pẹ̀lú ìsinmi ìṣẹ́jú kan láàárín, kí ẹ ro òǹkà méjèèjì pọ̀, kí ẹ sì pín in sí méjì. Ẹ ṣe ohun tí ẹ fẹ́ ṣe fún ìṣẹ́jú 10, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n bákan náà.

Ẹ má ṣe pípààrọ̀ nìkan. Ẹ yí ọjọ́ mẹ́ta po ní wákàtí kan náà: ọjọ́ kan ẹ jókòó, ẹ ka ìwé ìròyìn, ọjọ́ kejì ẹ mí lọ́ra pẹ̀lú ihò méjèèjì, 4 àti 6, ọjọ́ kẹta ẹ pààrọ̀ ihò, 4 àti 6 kan náà. Ẹ ṣe é títí ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò fi tó ẹ̀ẹ̀mẹ́fà.

Ká fi ọkùnrin ẹni ọdún 52 kan ṣe àpẹẹrẹ, òǹkà tí mo dá sílẹ̀ kí ìṣirò lè yé wa ni o. Ká sọ pé lọ́jọ́ ìwé ìròyìn, àròpọ̀ òǹkà òkè rẹ̀ tí a pín lọ láti 146 sí 140. Lọ́jọ́ mímí lọ́ra, ó lọ láti 147 sí 136. Lọ́jọ́ pípààrọ̀, ó lọ láti 146 sí 134. Bí ó bá jẹ́ ti pípààrọ̀ nìkan ni ó wọ̀n, yóò máa sọ káàkiri pé òun rí 12. Ṣùgbọ́n 6 nínú rẹ̀ jẹ́ ti ìjókòó lásán. Mímí lọ́ra fi 5 kún un. Ẹyọ 1 péré ló kù fún ìka, ẹ̀rọ ilé kò sì lè fọwọ́ sọ̀yà lórí ẹyọ 1, nítorí ẹ̀ẹ̀mejì tí ẹ bá wọ̀n ọ́n tẹ̀lé ara lè fi 5 yàtọ̀ síra. Fún ọkùnrin yìí, ìka wúlò bí ó bá jẹ́ ohun tí ń jẹ́ kí ó rántí láti má yára. Bí apá rẹ̀ bá ń ro ó, kò pàdánù nǹkan kan bí ó bá gbé ọwọ́ sílẹ̀.

Kí ó tún wọ̀n ọ́n ní wákàtí kan lẹ́yìn náà. Bí ó bá ti padà sí 145, ìtura ìṣẹ́jú díẹ̀ ni ó rí, kì í ṣe ìwòsàn, oògùn tí dókítà kọ fún un kò sì gbọ́dọ̀ yẹ̀ lọ́jọ́ kankan nítorí òǹkà tí ó rí lẹ́yìn mímí. Òǹkà tí yóò mú lọ fún dókítà ni ti àárọ̀, kí ó tó lo oògùn àti kí ó tó mí rárá, nítorí òun ni mímí náà kò tíì yí padà. Bí ẹ̀rọ bá sì fi 180 lórí 120 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ hàn, tí àyà ń dùn ún, tí ojú rẹ̀ ń ṣú, tí ẹnu rẹ̀ wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan tàbí tí ọ̀rọ̀ ń lọ́ mọ́ ọn lẹ́nu, kí ó má jókòó ti imú rẹ̀; ilé ìwòsàn ni kí wọ́n gbé e lọ lójú ẹsẹ̀.